Iṣẹ́ tí Atukọ̀ Rán sí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Hamburg,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí i yín láti ìlú tí òtútù ti ń la èèyàn ní ètè. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí Kwabena káfíńtà bá yín rà? Ẹ bá mi kí Alhaji Bákàrè ọ̀rẹ́ yín. Mo kí ẹ̀yin náà, Ànti Jọláadé, tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí fún bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, Ànti, ẹ má fo ìlà kankan, kódà èyí tó bá máa bí wọn nínú.

Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ kì í gbé fóònù mi láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mi ò ní pè mọ́. Lẹ́tà nìkan ni máa máa kọ, tí Ànti bá gbà láti máa ṣe ojú àti ọwọ́ yín.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín rèé. Ìwé kan ni mo fẹ́ kí wọ́n kà sí yín létí. Ará Jámánì kan ló kọ ọ́ ní èdè wọn. Kò gùn. Ó dá lórí atukọ̀ kan tó ń kó èèyàn sọdá odò ní abúlé olótùútù kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbé etí odò. Ní òdìkejì omi, arákùnrin rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì. Ogún ọdún ni àwọn ọkùnrin méjèèjì ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ìyàwó atukọ̀ wá kú lásìkò òtútù. Atukọ̀ ní láti ránṣẹ́ sí arákùnrin rẹ̀ ní òdìkejì odò. Iṣẹ́ tó rán yẹn ni gbogbo ìwé náà dá lé.

Ẹ máa rí i pé mo kọ "arákùnrin", mi ò sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Ará Jámánì tó kọ ọ́ ò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún méjèèjì.

Èèyàn méjì ti túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá, kálukú lọ́tọ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn máa tẹ ọ̀kan, wọ́n á dá èkejì padà. Àwọn méjèèjì ti rí iṣẹ́ ara wọn, kálukú sì láǹfààní láti tún tirẹ̀ ṣe títí di ìparí oṣù Karùn-ún. Mo mọ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n bá òun wá etí tí kò ní tan òun jẹ. Mo ní mo mọ ẹnì kan ní Kumasi tó fi ogójì ọdún ta ìkòkò ní ọjà Asafo, tó jẹ́ pé tí oníbàárà bá ti fa owó yọ, òun ló máa fi ìka kan ìkòkò náà, tó máa ní, "Gbé e sílẹ̀, ó ti sán."

Mo ti fi méjèèjì ránṣẹ́ sí fóònù Ànti. Mo pe ọ̀kan ní Ìwé Kìíní, mo pe èkejì ní Ìwé Kejì. Mi ò ní sọ ẹni tó ṣe èwo. Ẹ sọ èyí tó sán fún mi.

Èmi ọmọ yín,
Tòyíbàt.


Dichemso, Kumasi,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹta, 2025.

Tòyíbàt,

Mo gbọ́ ohun tí o kọ. Ara mi le. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, kò tíì pa mí. Oògùn Kwabena kò ṣe nǹkan kan, mo sì ti sọ fún un. Jọláadé ló ń kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tó bá jáde lẹ́nu mi ni kó kọ, kó má fi ṣúgà sí i. Tíṣà ni, ó fẹ́ràn láti máa tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe.

Ààwẹ̀ ti wọlé. Kó tó wọlé ni a ti ka ìwé rẹ tán. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta la fi kà á, lẹ́yìn ìrun alásàrí, nínú ọgbà. Bákàrè wá pẹ̀lú àga tirẹ̀, torí ó ní àwọn àga mi ń gé òun ní ìdí. Kwabena náà ń yà dúró díẹ̀, Jọláadé sì ń sọ díẹ̀díẹ̀ fún un ní èdè Twi tirẹ̀.

Gbọ́ ohun tí mo gbọ́.

Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ kàn. Ìwé Kejì ní atukọ̀ jókòó, ó ń jẹ ẹ̀kọ tútù. Bákàrè ní, "Ẹ̀kọ? Níbo ni òyìnbó ti rí ewé? Àbí láti Asafo ni wọ́n ti ń gbé e lọ fún un?" Ìwé Kìíní ní búrẹ́dì dúdú ni, ó le tó fi jẹ́ pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Mi ò jẹ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń rẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ yẹn bá ọ̀fun mi mu, mo sì mọ ìdí tí ẹni náà fi kọ ọ́: kí n lè mọ̀ pé oúnjẹ tálákà ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé dé ìdí, arákùnrin yẹn fi nǹkan sílẹ̀ nínú ààrò, ó jó, Ìwé Kejì sì wá ní búrẹ́dì ni. Ẹ̀kọ lójú ewé kẹta, búrẹ́dì lójú ewé ogójì. Ìkòkò tó bá ń dún lọ́nà méjì, ó sán níbì kan.

Èkejì. Ìwé Kejì ní ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀, atukọ̀ á ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà." Ìwé Kìíní ní ó kàn mi orí. Bákàrè ní ti Ìwé Kejì ló dáa, pé Yorùbá wo ni kì í kí èèyàn. Mo ní mo mọ ọkùnrin tí kì í kí èèyàn, ilé mi ló ń gbé. Ẹni tí kò bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ogún ọdún, ta ló fẹ́ máa kí?

Ẹ̀kẹta, nǹkan tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìwé Kìíní kọ ìlà kan gbáko: "omi dídì ń bọ́ wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú." Ibi gbogbo tó bá ti bọ́, ìlà yẹn náà ni. Ó sú mi. Ìwé Kejì ní "yìnyín ń bọ́", ó tán. Mo gba ti Ìwé Kejì. Mo mọ yìnyín. Ó fọ́ páànù mi ní ọdún tí a bí ọ.

Ẹ̀kẹrin. Ìwé Kìíní pe arákùnrin yẹn ní àbúrò. Irọ́ ni. Ìwé Kejì pè é ní ẹ̀gbọ́n, òun ló sì tọ̀nà. Ta ló gba ilé bàbá wọn? Òun ni. Ta ló lọ jókòó sí òdìkejì odò tó ń retí kí wọ́n wá bẹ òun? Òun ni. Tó bá jẹ́ àbúrò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfojúdi ni, gbogbo ẹbí ì bá ti pè é kó wá dọ̀bálẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ìbínú ni, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Ìtàn méjì ni. Ẹni tó kọ Ìwé Kìíní ò ro ọ̀rọ̀ yẹn já.

Ìyẹn wá gbé mi dé iṣẹ́ tó rán. Nínú Ìwé Kejì, atukọ̀ kọ ọ́ sínú pépà pé: "Ara ìyàwó mi kò yá. Ó ń béèrè yín. Ẹ tètè máa bọ̀." Bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà ránṣẹ́ nìyẹn. Nínú Ìwé Kìíní, ó kọ pé: "Ó ti kú. Wá."

Bí Jọláadé ṣe ka èyí, Bákàrè dìde. Ó ní, "Àsìtàfúrúlàhi!" Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ sílé. Mi ò bá a wí. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn? Ṣé ewúrẹ́ ló kú ni? Nígbà tí bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, Kumasi yìí ni mo wà. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní bàbá ń fẹ́ rí mi. Kò sí ikú nínú ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọ mọ́tò lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ní ilé, bó ṣe ń gbọ́ nìyẹn.

Ẹni tó kọ Ìwé Kìíní kò ní ilé. Tàbí kó ní in, kí àwọn ará ilé má kọ́ ọ.

Ìwé Kejì ni mo mú. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ bẹ́ẹ̀.

O mọ̀ pé mo ránṣẹ́ sí ìwọ náà. Ọjọ́ Àtàláátà ni mo pè ọ́. O dé ní ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ṣe fídáù ìyá rẹ tán, wọ́n ti fọ ìkòkò, wọ́n ti dá àga padà fún àwọn tó ni wọ́n. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ọmọ Sàbírátù dà.

Bàbá rẹ,
Abọ́dẹrìn.


Hamburg,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ ṣeun tí ẹ jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ṣeun tí ẹ ò tan mí jẹ.

Èmi ni mo kọ Ìwé Kìíní.

Ẹni tó kọ Ìwé Kejì ni Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀yọ́. Yorùbá rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó wà nílé, èmi wà lẹ́yìn odi, ó sì hàn. Mi ò sọ fún yín pé mo ń túmọ̀ ìwé torí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ di ìwé ná. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹ̀gbọ́n, ẹ borí mi. Mo padà sínú ìwé Jámánì. Ní apá ìkẹyìn, atukọ̀ rántí pé nígbà tí òun ń kọ́ ìwé kíkà, arákùnrin òun ti ń fá irùngbọ̀n. Mo ti ka ibẹ̀ nígbà márùn-ún, mo sì ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti padà yí àbúrò tí mo ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé lẹ rí i. Mo ń yí i padà.

Lórí yìnyín, ẹ jẹ́ kí n jà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Jámánì fi sọ ọ́, torí náà Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ jèrè nípa kúkúrú, èmi ni mo pàdánù. Ṣùgbọ́n yìnyín tí a mọ̀ ń dún. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó fọ́ páànù yín ni. Èyí tó ń bọ́ níbí kò ní ohùn kankan, èèyàn lè jí kó rí i pé gbogbo ìlú ti funfun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà, atukọ̀ ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ohun tó bo ilẹ̀ ti gbé ìró ẹsẹ̀ mì. Tó bá jẹ́ yìnyín, báwo ni ilé ṣe máa dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Mo san ìlà kan gbáko kí n lè ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá mo sanwó jù.

Ó wá ku iṣẹ́ tó rán.

Bàbá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nínú ìwé Jámánì: Sie ist tot. Komm. Ó ti kú. Wá. Kì í ṣe pé àwọn ò ní ọ̀rọ̀ rírọ̀. Wọ́n ní in. Wọ́n lè ní ẹni náà ti sùn lọ, wọ́n lè ní ó ti relé, bí àwa náà ṣe lè ní ó papò dà tàbí ó ṣaláìsí. Gbogbo wọn wà níwájú ẹni tó kọ ìwé náà, kò sì mú ìkankan. Tí mo bá lọ mú èyí tó rọ̀, kì í ṣe pé mo túmọ̀ rẹ̀, ńṣe ni mo bá a ṣàtúnṣe ohun tí kò ní kí n tún ṣe.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé ìyẹn nìkan ni ìdí.

Lọ́jọ́ Àtàláátà yẹn, ẹ pè mí. Ohùn yín rí bó ṣe máa ń rí. Ẹ ní, "Tòyíbàt, ara ìyá rẹ ò yá. Ó ń béèrè ẹ. Máa bọ̀." Mo ní, "Ṣé wọ́n ti gbé wọn lọ sílé ìwòsàn?" Ẹ ní, "Máa bọ̀." Mo ní, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn náà ni?" Ẹ ní, "Mo ní kí o máa bọ̀," ẹ sì pa fóònù.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti lò níbí. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín dókítà àti aláìsàn tí kò gbọ́ Jámánì. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé ohun tí wọ́n sọ bó ṣe rí, kí n má fi kún un, kí n má yọ kúrò. Etí mi ti yí. Ẹ ní ara wọn ò yá, mo gbọ́ pé ara wọn ò yá. Mo wá ẹni tó máa dúró fún mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo lọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó dára jù, torí èyí tó wà nílé kì í sọ òótọ́. Mo dúró de ọkọ̀ òfuurufú tó máa gba ẹrù. Ẹ rántí bí mo ṣe wọlé. Ẹ̀rọ yẹn ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pe Màmá kí wọ́n na apá.

Mo mọ̀ pé a kì í gbé òkú dúró de ẹnikẹ́ni. Mi ò lè bá ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ní "ó ti kú" ni, ǹ bá ti wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀wù ọrùn mi, ǹ bá wà lára àwọn tó fọ ìkòkò fídáù.

Ẹ ní ẹni tó kọ Ìwé Kìíní kò ní ilé. Èmi ni, Bàbá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ fún mi ni mo kọ.

Tòyíbàt.


Hamburg,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ẹ ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Mi ò gbúròó yín, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni àbí lẹ́tà mi.

Mo ti tún ẹ̀gbọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan péré. Gbogbo ibi tí atukọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ sí i ni mo ní láti yí, torí kò lè máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" mọ́. Iṣẹ́ tó rán náà ti yí díẹ̀: "Ó ti kú. Ẹ wá." Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe tutù sí i. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń bínú sí.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí oṣù Karùn-ún parí. Tí ẹ bá ní kí n yọ "kú" kúrò, máa yọ ọ́. Mi ò ní torí ìwé pàdánù yín lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́.

Tòyíbàt.


Dichemso,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹrin, 2025.

Tòyíbàt mi ọ̀wọ́n,

Èmi Jọláadé ni mo ń kọ èyí, Bàbá ò mọ̀. Ara wọn yá, má fòyà. Mo ka lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹta fún wọn tán, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ní kí n ka ojú ewé iṣẹ́ tí atukọ̀ rán, ti Ìwé Kìíní, lẹ́yìn náà ti Ìwé Kejì. Wọn kì í jẹ́ kí n kọjá ibẹ̀. Lónìí wọ́n ní, "Kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìwọ obìnrin yìí, àbí wọ́n ń lé ẹ ni?" Má pè wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ tán.

Ànti rẹ,
Jọláadé.


Dichemso, Kumasi,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2025.

Tòyíbàt, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo gba kíkí ọdún rẹ, ó ti pẹ́, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ara mi le.

Inú bí mi. Mi ò ní sọ pé kò bí mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sọ nínú ara mi pé ọmọ tó gbọ́ Yorùbá ló yẹ kó gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ Yorùbá. Lẹ́yìn náà, mo ní kí Jọláadé gbé ìwé méjèèjì wá.

Jọláadé ló bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nínú Ìwé Kejì, atukọ̀ ní ara ìyàwó òun ò yá. Ẹ̀gbọ́n gba pépà, ó kà á, ó fi búrẹ́dì sílẹ̀ nínú ààrò, ó ń jó, ó gbé ṣọ́bìrì, ó sọdá odò. Jọláadé ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ àìsàn ni, kí ló ń fi ṣọ́bìrì ṣe?" Mo ní ó mọ̀ ni. Ó ní, "Ó mọ̀ lóòótọ́, ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀." Ó wá kà á fún mi: "Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́, nítorí àgbà ni." Mo ní ṣé ìlà yẹn wà nínú tìrẹ. Ó wò ó sókè, ó wò ó sísàlẹ̀, ó ní kò sí. Nítorí náà, Ọládipọ̀ ló fi kún un. Ó sọ ọ̀rọ̀ rírọ̀, ó rí i pé kò lè dá dúró, ó gbé ọ̀pá tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú.

Ó gbọ́n. Mi ò bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi rán tèmi sí ọ, mi ò gbé ọ̀pá kankan tì í. Mo kàn pa fóònù.

Mo kan ọ̀rọ̀ mi, Tòyíbàt. Ó sán.

Gbọ́ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kumasi yìí, àwọn Asante kì í fi òkú pamọ́. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tó kú. Mo ń kọjá níwájú wọn lójoojúmọ́ ní Asafo. Ọjọ́ tí ìyá rẹ lọ, Kwabena ló kọ́kọ́ bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un ní Twi: Me yere awu. Ìyàwó mi ti kú. Ó jáde lẹ́nu mi geere, bí ẹni ń sọ iye tí ìkòkò jẹ́. Ó ní, "Due, due," bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀, ó dì mí mú. Ó rọrùn torí kì í ṣe èdè tí mo fi fẹ́ ẹ. Mo wá gbé fóònù láti sọ ọ́ fún ọ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kò wá. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí bàbá mi kú ló wà lẹ́nu mi, òun ni mo sọ. Mo ní àṣà ni. Àṣà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sá sí. Gbogbo èèyàn mọ Abọ́dẹrìn sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ rọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò lè sọ ọ́.

Mo wá fi ọdún méjì bínú sí ọ nítorí o gbọ́ ohun tí mo sọ.

Lórí ìwé rẹ, ohun tí mo mú nìyí. Fi "kú" sílẹ̀. Yóò lé àwọn kan jáde, mi ò ní tàn ọ́. Ó lé Bákàrè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó ti gbé àga rẹ̀ padà dé, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. Mo ní, "Ṣebí o ní o ò gbọ́ mọ́." Ó ní, "Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀, Abọ́dẹrìn, etí mi ò sí níbẹ̀." Ẹni tó bá jáde, tí ìwé bá dára, á padà.

Nǹkan funfun yẹn, o sanwó jù. Sọ ọ́ gbáko lẹ́ẹ̀kan, ní ìbẹ̀rẹ̀, pé ó ń bọ́ bí òwú, kò ní ohùn. Lẹ́yìn náà, máa pè é ní yìnyín òwú. A ó rántí. A kì í ṣe ọmọdé. Búrẹ́dì tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ rẹ́, má fọwọ́ kàn án. Orí mímì náà, fi í sílẹ̀.

Tí àwọn ará Ìbàdàn bá mú ti Ọládipọ̀, kò burú. Ìwé rere ni tirẹ̀ náà. Tìrẹ ni mo mú. Mo ti sọ ọ́.

Ẹ̀rọ tí o rà wà lórí tábìlì, lábẹ́ fọ́tò ìyá rẹ. Ọdún méjì ló wà nínú páálí rẹ̀. Lánàá ni mo ní kí Jọláadé tú u. Ó fi wọn apá mi. Ó ní ó ga díẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Jọláadé ní lẹ́tà yìí ti gùn, ó ní ọwọ́ ń ro òun. Mo ní ó ku ìlà díẹ̀. Ó ti sọ gègé kalẹ̀, ó ń nu ojú, mo ti ní kó gbé e padà. Èyí ni iṣẹ́ tí ǹ bá rán sí ọ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì sọ ọ́ ní Yorùbá rí. Jọláadé, kọ ọ́ gbọnrangandan.

Tòyíbàt, ìyá rẹ Sàbírátù kú. Ọjọ́ Àtàláátà, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní, ló kú, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun alásàrí. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Kò béèrè ẹnikẹ́ni, kò ráyè. A sin ín kó tó di mọ̀gàríbà.

Ó ti kú. Máa bọ̀.

Bàbá rẹ,
Abọ́dẹrìn.